Bébà iṣẹ́ bátànì fún ọmọ ọdún 5: bí a ṣe ń yà á, àti bí a ṣe ń ka ohun tí ọmọ fi dáhùn

Bí ẹ bá ya àwòrán róbótó dúdú kan, tí ẹ fi funfun kan tẹ̀ lé e, tí ẹ tún ya dúdú, tí ẹ tún ya funfun, tí ẹ wá ní kí ọmọ ọdún 5 parí ìlà náà, á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa rí i ṣe nígbà gbogbo. Ẹ ó fa máàkì fún un, ẹ ó kọ "O káre" sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ ó sì gbà pé ó ti mọ bátànì. Ìlà yẹn kò tíì sọ nǹkan kan fún yín. Ọmọ tó kàn mọ̀ pé "dúdú ló kẹ́yìn, funfun ni kí n fi sí i" yóò gbà á, láì rí i rárá pé dúdú kan àti funfun kan pọ̀ jẹ́ ìdì kan, àti pé ìdì yẹn ló ń padà wá.

Ìdì ni mo máa pè é jálẹ̀ ohun tí mo ń kọ yìí. Ó jẹ́ apá tó kéré jù lọ nínú ìlà tí a lè máa tún ṣe tí ìlà yóò fi jáde. Ẹni tó bá ti jókòó ti àwọn ahunṣọ ní Ìsẹ́yìn rí yóò mọ ohun tí mo ń sọ. Ẹni tó ń ta òwú kì í dúró lórí fọ́nrán kọ̀ọ̀kan kó máa rò ó pé kí ló kàn. Ó ti mọ iye fọ́nrán pupa àti iye fọ́nrán aró tó wà nínú ìdì kan, ìdì náà ló ń tún ta títí aṣọ yóò fi fẹ̀ tó bó ṣe fẹ́. Ohun tí a ń wá lọ́wọ́ ọmọ ọdún 5 nìyẹn, kì í ṣe pé kó mọ ohun tó kan nìkan.

Nítorí náà, bébà iṣẹ́ tí mo fẹ́ kí a jọ yà níbí ní ìlà mẹ́rin péré. Mo ti ya oríṣiríṣi rẹ̀ ní kíláàsì nọ́sìrì, mo sì ti ju ọ̀pọ̀ nù. Èyí tó kù yìí wúlò fún mi torí pé bí ọmọ bá ṣì í, àṣìṣe rẹ̀ ń sọ ohun tó ń rò.

Ìdérí ike kó tó kan bébà

Ẹ má ṣe gbé bébà fún ọmọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ kó ìdérí ike inú ìgò omi jọ, oríṣi àwọ̀ méjì, mẹ́fà mẹ́fà fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Mẹ́fà mẹ́fà yẹn kì í ṣe àfẹnusọ lásán. Ìlà tó gùn jù tí ọmọ yóò tò ní nǹkan mẹ́sàn-án, ó sì lè gba mẹ́ta nínú àwọ̀ kan àti mẹ́fà nínú èkejì. Ẹ kò sì mọ àwọ̀ tí ọmọ yóò fẹ́ kó pọ̀ jù. Ìdérí ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí wọ́n fi irin ṣe máa ń ya ọmọ lọ́wọ́, ó sì máa ń dípẹtà, ẹ fi í sílẹ̀. Bí àbúrò tó ṣì ń ki nǹkan bọ ẹnu bá wà nínú ilé, ẹ ka ìdérí yín kí eré tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì tún un kà nígbà tó bá parí.

Bí àwọ̀ kan ṣoṣo lẹ rí, kò burú. Ẹ da àwọn kan délẹ̀, ẹ ṣí àwọn kan sókè. Ìyẹn náà jẹ́ oríṣi méjì, ọmọ sì fẹ́ràn rẹ̀ torí pé ọwọ́ rẹ̀ ló ń yí i.

Ẹ tò ó sílẹ̀: pupa kan, búlúù méjì, pupa kan, búlúù méjì. Kí ọmọ tò tirẹ̀ sísàlẹ̀, bákan náà. Lẹ́yìn náà, ẹ fi igi ìgbálẹ̀ kúkúrú sáàárín ìdì kan àti ìdì kejì, kó lè fojú rí ibi tí ọ̀kan parí sí. Igi ìgbálẹ̀ yìí ṣe pàtàkì ju gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ lè sọ lọ. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ẹ kó igi náà fún ọmọ, kí òun fúnra rẹ̀ wá máa pín in. Ọmọ tó bá ń fi igi sí ààrin búlúù méjì kò tíì rí ìdì náà, bó tilẹ̀ tò ó gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe tò ó.

Ẹ jẹ́ kó gbọ́ ọ pẹ̀lú. Ẹ lu tábìlì lẹ́ẹ̀kan fún pupa, ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì fún búlúù: gbì, pá-pá, gbì, pá-pá. Ọmọ tí ojú rẹ̀ kò tíì gbà á máa ń fi etí gbà á. Ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta ti tó fún eré yìí, bí ìṣẹ́jú 10 lójúmọ́.

Yíyà bébà náà

Bébà A4 kan ni, ẹ dá a dùbúlẹ̀ kó lè gùn síbùú. Gígùn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 29.7, gíga rẹ̀ sì jẹ́ 21. Ẹ fi rúlà ya ìlà mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àpótí mẹ́sàn-án, kí àpótí kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 3 níbùú àti lóòró. Mẹ́sàn-án lọ́nà mẹ́ta jẹ́ 27, nítorí náà díẹ̀ yóò kù lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kò sì ní gé ohunkóhun dànù. Ẹ fi sẹ̀ǹtímítà kan àbọ̀ sáàárín ìlà kan sí èkejì, àyè yóò sì ṣẹ́ kù lókè fún orúkọ ọmọ. Mo mú sẹ̀ǹtímítà 3 torí pé ìdérí ike omi fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ọmọ yóò sì gbé e lé orí àpótí ní ìlà ìkẹyìn.

Ẹ ya ìgbín kékeré kan sí apá òsì ìlà kọ̀ọ̀kan, kí ó kọjú sí ọ̀tún. Ìgbín náà ló ń sọ fún ọmọ ibi tí a ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọdún 5 tí kò tíì máa kàwé kò mọ̀ pé apá òsì ni ìlà ti ń bẹ̀rẹ̀, àwọn kan sì máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀tún, tí àgbàlagbà yóò sì rò pé wọn kò mọ̀ ọ́n.

Ìlà kìn-ín-ní, róbótó dúdú àti funfun:

● ○ ● ○ ● ○ ● __ __

Ìlà kejì, àpótí tí a kùn, gbogbo wọn jẹ́ onígun mẹ́rin, àwọ̀ nìkan ló yàtọ̀:

pupa, pupa, búlúù, pupa, __, búlúù, pupa, pupa, búlúù

Ìlà kẹta, kò ní àwọ̀ kankan, ìrísí nìkan ló yàtọ̀:

○ △ △ ○ △ △ ○ __ __

Ìlà kẹrin, àpótí mẹ́sàn-án tó ṣófo. Níbẹ̀ ni ọmọ yóò ti fi ìdérí pupa àti búlúù tún bátànì ìlà kẹta tò.

Ẹ wo ìlà kìn-ín-ní àti ìkẹta dáadáa. Àwòrán méje ni mo fún ọmọ nínú mẹ́sàn-án, èyí ìkeje sì jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ ìdì tí kò tíì pé. Ibi tí ọ̀pọ̀ bébà iṣẹ́ tí mo ń rí ti ń ṣìnà nìyí. Wọn á fún ọmọ ní ìdì méjì tó pé pérépéré, wọn á wá fi àyè sílẹ̀. Ọmọ yóò padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà, yóò dà á kọ láti ibẹ̀, yóò sì gbà á, torí pé lẹ́yìn ìdì tó pé, ohun tó kàn bá ìbẹ̀rẹ̀ ìlà mu. Dídà kọ lásán ni. Ṣùgbọ́n bí ìlà bá dúró sáàárín ìdì, dídà kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ yóò gbé ọmọ ṣìnà, ẹ ó sì rí i.

Ẹ tún kíyè sí i pé nǹkan kan ṣoṣo ló ń yí padà ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ní ìlà kejì, àwọ̀ ni. Ní ìlà kẹta, ìrísí ni. Bí ẹ bá ya róbótó pupa àti onígun mẹ́ta búlúù nínú ìlà kan náà, ẹ kò ní mọ̀ bóyá àwọ̀ ni ọmọ ń wò tàbí ìrísí. Bí ẹ bá sì jẹ́ kí àwọ̀ ní bátànì tirẹ̀, kí ìrísí ní tirẹ̀, iṣẹ́ ọmọ ọdún 7 tàbí 8 lẹ gbé síwájú ọmọ ọdún 5 yẹn.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ àti fótókọ́pì

Àwọ̀ tí mo mú kì í ṣe bó ṣe wù mí. Ọmọ tó ń sọ Yorùbá nílé ń gbọ́ pupa fún epo, fún ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n, fún ajá tó ní àwọ̀ ilẹ̀, àti fún aṣọ tó ní àwọ̀ ẹ̀jẹ̀. Bí ẹ bá fi pupa àti yẹ́lò sínú ìlà kan, àwọn ọmọ kan yóò pe méjèèjì ní pupa, wọn yóò wá máa sọ "pupa, pupa, pupa" lórí ìlà náà. Ojú wọn rí ìyàtọ̀ o, ẹnu wọn ni kò ní orúkọ méjì fún un, ìlà tí a ń fi ẹnu kà á sì bàjẹ́. Pupa àti búlúù kò ní ìṣòro yìí. Ọmọ lè pe èkejì ní búlúù, ó lè pè é ní aró, ìyá àgbà rẹ̀ tilẹ̀ lè ti kọ́ ọ láti pè é ní dúdú. Èyíkéyìí tó bá sọ, orúkọ méjì ṣì ni. Nítorí èyí náà ni dúdú àti búlúù kò fi sí nínú ìlà kan náà. Mo yẹra fún pupa pẹ̀lú àwọ̀ ewé, torí pé àwọn ọmọ kan wà, ọkùnrin ló pọ̀ jù nínú wọn, tí ojú wọn kì í ya àwọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀.

Fótókọ́pì ń sọ pupa àti búlúù di eérú kan náà. Ohun tí mo ń ṣe ni pé mo máa ń fi ìlà kejì sílẹ̀ láìkùn, mo ṣe fótókọ́pì rẹ̀, mo wá fi máákà pupa àti máákà búlúù kan àmì sínú àpótí mẹ́jọ lórí bébà kọ̀ọ̀kan. Àmì tó tó èékánná ti tó, kò pọn dandan kí ẹ kun gbogbo àpótí. Fún ọmọ 30, 240 àmì ni. Ẹ kan gbogbo pupa tán lórí gbogbo bébà kí ẹ tó mú búlúù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ó ṣì í. Mo ti ṣì í rí, lórí bébà mẹ́rin, àwọn ọmọ ló sì sọ fún mi.

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ tún wà níbẹ̀. Ọmọ ọdún 3 lè ya róbótó, onígun mẹ́rin ń tẹ̀ lé e, onígun mẹ́ta ló máa ń pẹ́ jù, nǹkan bí ọdún 5 ni ọwọ́ ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbà á. Ọmọ tó mọ̀ pé onígun mẹ́ta ló kàn lè sá fún un, kó ya róbótó torí pé ìyẹn rọrùn fún un. Nítorí náà, ní ìlà kẹta, ẹ gé ìrísí náà láti ara bébà mìíràn, kí ẹ fún ọmọ láti lẹ̀ mọ́ ọn. Róbótó mẹ́ta àti onígun mẹ́ta mẹ́ta ni kí ẹ fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé méjì péré ló máa lò. Bí ẹ bá fún un ní onígun mẹ́ta méjì géérégé, ìdáhùn lẹ fi lé e lọ́wọ́.

Ohun tí ẹ ó sọ, àti èyí tí ẹ kò ní sọ

"Kí ló kàn?" ni ìbéèrè tí gbogbo wa máa ń bi ọmọ. Mo ti fi í sílẹ̀. Ìbéèrè yẹn ń darí ojú ọmọ sí àwòrán tó kẹ́yìn nìkan, ibẹ̀ gan-an sì ni a kò fẹ́ kó dúró. Ohun tí mo ń sọ ni, "Bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìgbín, kà á fún mi." Ọmọ yóò máa fi ìka tọ́ ọ, yóò máa pè é. Tó bá dé àyè tó ṣófo, ẹnu rẹ̀ yóò kàn máa bá a lọ.

Ṣùgbọ́n "onígun mẹ́ta" gùn lẹ́nu ju "róbótó" lọ, ó sì ń da ìlù ìlà náà rú. Bí ọmọ bá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀ léra, ó ti gbàgbé ibi tó dé. Ẹ fún wọn ní orúkọ kúkúrú. Ní kíláàsì mi, ọsàn ni róbótó, ilé ni onígun mẹ́ta, nítorí òrùlé. Ìlà kẹta wá di "ọsàn, ilé, ilé, ọsàn, ilé, ilé, ọsàn..." Ọjọ́ mìíràn ni a ń kọ́ orúkọ ìrísí gan-an.

Bí ọmọ bá ń kà á, ẹ má bá a kà á. Ohùn àgbàlagbà máa ń sinmi díẹ̀ lẹ́yìn ìdì kọ̀ọ̀kan láì mọ̀, ìsinmi yẹn sì ti pín ìlà fún ọmọ. Bó ṣe yẹ kí ó rí nígbà tí ẹ ń fi ìdérí ṣeré nìyẹn. Nígbà tí bébà bá délẹ̀, kí ohùn ọmọ dá wà.

Kíka ìdáhùn ìlà kẹta

Àyè méjì ló wà ní òpin ìlà kẹta, oríṣi ìrísí méjì ló sì wà. Nítorí náà ìdáhùn mẹ́rin péré ló ṣeé ṣe, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ìtumọ̀ tirẹ̀.

Bó bá fi ilé, ilé, ó gbà á. Bóyá ó rí ìdì náà.

Bó bá fi ọsàn, ilé, ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà, ó dà á kọ. Ọmọ yìí mọ̀ pé nǹkan ń padà wá, kò kàn wo ibi tí ìlà dúró sí ni. Ẹ gbé igi ìgbálẹ̀ fún un kó pín ìlà náà, kí ẹ wá bi í pé, "Ìdì ìkẹyìn yìí, ṣé ó pé?" Ìbéèrè kan yẹn máa ń tó. Ọmọ yóò wo ọsàn tó dá dúró, yóò rẹ́rìn-ín, yóò sì ní ilé rẹ̀ dà.

Bó bá fi ilé, ọsàn, ó ń ṣe é ní ẹyọ kan sí ẹyọ kan, bíi ti ìlà kìn-ín-ní. Ọmọ tí mo sọ níbẹ̀rẹ̀ nìyí, èyí tí ìlà dúdú àti funfun ì bá ti fún ní máàkì. Igi ìgbálẹ̀ nìkan kò tó fún un. Ẹ padà sí ìlù: ẹ lu gbì, pá, gbì, pá fún ìgbà díẹ̀, ẹ wá yí i sí gbì, pá-pá, kí ẹ sì bi í pé kí ló yí padà. Lẹ́yìn náà, kó fi ìdérí tò méjèèjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Ìyàtọ̀ méjèèjì ló yẹ kó rí.

Bó bá fi ọsàn, ọsàn, èyí tó kẹ́yìn ló kàn ń tún ṣe. Ẹ gbé bébà kúrò níwájú ọmọ yìí. Kó padà sí títo ìdérí bí ẹ ṣe tò ó, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, fún ọ̀sẹ̀ kan.

Mo sọ pé "bóyá" fún ẹni tó gbà á. Ọmọ tó kàn fi ọwọ́ mú ohun tó bá rí nínú ìrísí mẹ́fà tí ẹ gé lè gbà á lẹ́ẹ̀kan nínú márùn-ún. Ní ìlà kejì, níbi tí àyè kan ṣoṣo wà, ẹ̀ẹ̀kan nínú méjì ni. Ìdí tí ìlà kẹrin fi wà nìyẹn. Kò sí ọmọ tí yóò fi orí ire tò ó ní mẹ́sẹ̀ẹ̀sán.

Ìlà kẹrin ló le jù. Kò sí àwòrán kankan níbẹ̀ tó jọ ohun tó wà lọ́wọ́ ọmọ, ohun tí yóò gbé láti òkè wá sísàlẹ̀ kì í ṣe ọsàn, kì í ṣe ilé, "ọ̀kan, méjì, ọ̀kan, méjì" tó wà láàárín wọn ni. Àwọn ọmọ kan yóò kó gbogbo pupa sápá kan, gbogbo búlúù sápá kejì. Àwọn mìíràn yóò tò ó ní pupa, búlúù, pupa, búlúù. Ohun tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́ ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ gbé ìdérí lé orí àwòrán ìlà kẹta gan-an: pupa lórí gbogbo ọsàn, búlúù lórí gbogbo ilé. Kí wọ́n wá fi ìka ti ìdérí kọ̀ọ̀kan wá sísàlẹ̀ sínú àpótí tó wà lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tó bá dé ìsàlẹ̀ tán, ẹ fi bébà mìíràn bo ìlà kẹta, kí ọmọ ka ohun tó kù. Lọ́jọ́ kejì, kó gbìyànjú láì gbé e lé orí àwòrán. Ẹ má gbàgbé láti wo ìlà kẹrin kí ọmọ tó dìde, torí pé ìdérí kì í dúró lórí bébà dè yín.

Ọmọ kan ní kíláàsì

Ọmọkùnrin kan wà tó máa ń parí bébà rẹ̀ ṣáájú gbogbo wọn. Ìlà kìn-ín-ní, ó gbà á. Ìlà kejì, ó kun pupa sí àyè tó ṣófo, ó gbà á. Ìlà kẹta, ó lẹ ilé kan, ó lẹ ọsàn kan. Mo ní kó kà á fún mi láti ọ̀dọ̀ ìgbín. Ó ní, "Ọsàn, ilé, ilé, ọsàn, ilé, ilé, ọsàn, ilé," ó sì dákẹ́. Ó wo ọsàn tó ti lẹ̀ mọ́ ibẹ̀. "Àǹtí, kò bá a mu."

Ẹnu rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n, ọwọ́ rẹ̀ ló yára jù. Bí mo bá ti kàn fa àmì kò-gbà-á sí i, n kò ní mọ ìyẹn, ǹ bá sì ti dá a padà sí ìlù tí kò nílò. Nítorí náà, kíkà tí ọmọ bá kà á lẹ́yìn tó ti ṣe é tán jẹ́ apá kan iṣẹ́ náà. Ẹ má fa àmì kankan sí bébà títí ọmọ yóò fi kà á. Mo fún un ní ìlà kẹrin, ó gbé búlúù kan, ó fi pupa méjì tẹ̀ lé e, ó ṣe é bẹ́ẹ̀ dé òpin. Pupa ló wù ú kó pọ̀, ó sì tọ̀nà. Àwọ̀ èyíkéyìí ló lè jẹ́ ọsàn, bí kò bá ti yí i padà láàárín ọ̀nà.

Ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ kan tó ń lo ọwọ́ òsì ṣe ìlà kẹta ní ọsàn, ọsàn. Kí n tó sọ pé èyí tó kẹ́yìn ló ń tún ṣe, mo wo bó ṣe jókòó. Ọwọ́ rẹ̀ tó fi ń lẹ bébà bo àwòrán mẹ́fà àkọ́kọ́ pátápátá. Ọsàn ìkẹyìn nìkan ló ń rí. Mo lẹ ìlà náà mọ́ ara ògiri ní ọ̀gangan ojú rẹ̀, ó sì ṣe é dáadáa. Láti ìgbà yẹn, àwọn tó ń lo ọwọ́ òsì máa ń ní ẹ̀dà ìlà kẹta kan lókè bébà wọn.

Bébà tó tẹ̀ lé e

Bí ọmọ bá gba ìlà kẹta àti ìkẹrin lọ́jọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ lè yí ìdì padà. Ẹ fi méjì méjì sí i: ○ ○ △ △. Àpótí mẹ́sàn-án kò ní tó mọ́ níbí, torí pé ìdì méjì tó pé ti gba mẹ́jọ. Ẹ dín àpótí kù sí sẹ̀ǹtímítà méjì àbọ̀, kí ìlà ní mọ́kànlá, kí ẹ fún ọmọ ní mẹ́sàn-án nínú rẹ̀. Mọ́kànlá lọ́nà méjì àbọ̀ jẹ́ 27.5, bébà yín ṣì gbà á. Ìdérí kò ní gba inú àpótí yìí, ẹ lo ẹ̀wà pupa àti ẹ̀wà funfun dípò rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ olùkọ́ máa ń sáré lọ sí oríṣi mẹ́ta, ọsàn, ilé, àpótí, torí wọ́n rò pé mẹ́ta le ju méjì lọ. Ẹ wò ó dáadáa. Nínú ìlà yẹn, ilé ló máa ń tẹ̀ lé ọsàn nígbà gbogbo, àpótí ló máa ń tẹ̀ lé ilé, ọsàn ló máa ń tẹ̀ lé àpótí. Ọmọ tó ń wo ẹyọ tó kẹ́yìn nìkan yóò gbà á láì rí ìdì kankan. Ṣùgbọ́n nínú ọsàn, ilé, ilé, nígbà mìíràn ilé ló ń tẹ̀ lé ilé, nígbà mìíràn ọsàn ni, kò sì sí bí ẹnikẹ́ni ṣe lè mọ èyí tó jẹ́ láì wẹ̀yìn. Fún ìdí yìí, èmi kì í lo oríṣi mẹ́ta láti fi dán ọmọ wò. Mo máa ń lò ó láti fi sinmi, ní ọjọ́ tí orí wọn bá ti gbóná.